Mítà Kan, Ayálégbé Mẹ́fà: Bí A Ṣe Lè Pín Owó Iná

Ìjà owó iná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayálégbé. Nígbà tí NẸ́PÀ ṣì ń gbé bíìlì wá lóṣooṣù, ohun tí wọ́n máa ń jà sí ni pé ta ló ń lo áyọ́ọ̀nù, ta ló ń fi iná dáná lóru, ta ni kò tíì san ti oṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n bíìlì máa ń fún èèyàn láyè, torí iná ṣì ń tàn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń jà á. Mítà pírípéèdì kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tán ní aago kan òru, gbogbo ilé ló máa ṣókùnkùn, àti ẹni tó san, àti ẹni tí kò san.

Owó iná tó gbówó lórí ló wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán, máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan. Bí i náírà 68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Wọ́n padà mú un wálẹ̀ díẹ̀, ó sì di náírà 209.50 ní oṣù keje ọdún náà. Ilé tó ń jẹ 200 yúníìtì lóṣù, tí owó rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún 15 tẹ́lẹ̀, wá ń san nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 45. Nígbà tí owó ṣì kéré, kí oníkálukú mú iye kan náà wá kò dun ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀. Nísinsin yìí, ẹni tí kò ní ju fáànù kan àti gílóòbù kan lọ mọ̀ ọ́n lára dáadáa pé òun ń bá ẹlòmíràn san owó fíríìsà.

Kí a tó sọ bí a ṣe máa pín in, ó yẹ kí gbogbo ilé kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pín gan-an. Mítà kì í ka owó. Yúníìtì ló ń kà, èyí tí wọ́n kọ kWh sí lójú rẹ̀. Tókìn, ìyẹn nọ́ńbà 20 tó ń wọlé sórí fóònù tàbí tí wọ́n tẹ̀ sórí rìsíìtì, iye yúníìtì tí a rà ló gbé dání, mítà tí a rà á fún nìkan ló sì lè gbà á. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, mítà á fi kún èyí tó ṣẹ́kù, á wá máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń lo iná. Bí a kò bá lo nǹkan kan, kò ní yọ nǹkan kan. Àwọn kan ṣì gbà pé mítà máa ń já owó kan lóṣooṣù yálà a lo iná tàbí a kò lò ó. Òótọ́ ni pé irú owó bẹ́ẹ̀ wà nígbà kan rí, àmọ́ wọ́n ti mú un kúrò láti oṣù kejì ọdún 2016.

Rìsíìtì ni ẹ̀rí tó yẹ kí gbogbo ilé máa rí. Bí a bá ra iná ẹgbẹ̀rún 10 náírà ní iye 209.50 yẹn, nǹkan bí náírà 698 máa lọ fún owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT, èyí tó kù á sì ra yúníìtì 44 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá da VAT pọ̀ mọ́ ọn, yúníìtì kan bọ́ sí náírà 225. Bí yúníìtì tó jáde bá dín sí ohun tó yẹ, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yọ gbèsè. Gbèsè ayálégbé tó ti kó lọ tipẹ́ lè wà lórí mítà, kí ilé-iṣẹ́ apín-iná sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo owó tí ẹ bá fi ra iná. Ẹ má ṣe da ìyẹn pọ̀ mọ́ iná tí ẹ jẹ lóṣù yìí. Lójú tèmi, lánlọ́ọ̀dù tó gba ayálégbé náà sílé tó sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó dáhùn fún un.

Yúníìtì kan ni iná tí ohun èlò oní-1000 wáàtì máa jẹ tí a bá lò ó fún wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ nǹkan bí 1000 wáàtì nígbà tó bá ń gbóná lọ́wọ́. Kẹ́tùlù tó ń se omi sábà máa ń jẹ 2000, ìyẹn ni pé ìdajì wákàtí péré ló fi ń jẹ yúníìtì kan tán. Fáànù oní-60 wáàtì máa fẹ́ fẹ́ tó wákàtí 17 kó tó jẹ yúníìtì kan, gílóòbù LED oní-10 wáàtì sì máa tàn fún odindi wákàtí 100. Ìdí nìyí tí kíka gílóòbù, tí àwọn ilé kan ṣì ń fi pín owó, kò fi tọ̀nà mọ́. Nígbà tí gílóòbù jẹ́ 60 tàbí 100 wáàtì, ó ní ìtumọ̀. Lóde òní, ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń kó iná ilé lọ, ẹni tó ní gílóòbù mẹ́fà lè má jẹ ìdajì ohun tí ẹni tó ní gílóòbù kan àti sítóòfù oníná ń jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé Ìbàdàn ni ilé náà wà, ayálégbé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mítà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, Báńdì A sì ni wọ́n wà. Ìyá Àgbà dá gbé yàrá kan, fáànù, gílóòbù àti rédíò ni gbogbo ohun ìní rẹ̀ tó ń jẹ iná. Ìyá Oníyìnyín ní fíríìsà tó fi ń ta yìnyín àti omi tútù. Àwọn mẹ́rin tó kù ní tẹlifíṣọ̀n, fáànù, áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì kékeré kọ̀ọ̀kan níwọ̀n-níwọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àti gílóòbù ìta jẹ́ ti gbogbo wọn. Lóṣù kan, wọ́n jẹ 200 yúníìtì, owó rẹ̀ sì jẹ́ náírà 45,000.

Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, oníkálukú á san 7,500. Ìyá Àgbà á kígbe, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kígbe. Bó bá yá, inú á bí àwọn tó kù, wọ́n á ní kí Ìyá Oníyìnyín gbé ìdajì, ìyẹn 22,500. Òun náà á ní, "Ṣé torí mo ní fíríìsà lẹ ṣe fẹ́ kí n máa bá gbogbo ilé san owó iná? Ṣé ẹ̀yin kì í lọṣọ ni?" Kò jẹ̀bi nínú ìbéèrè yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń jẹ, òun alára kò mọ̀.

Ìṣirò orí ìwé kò sì lè bá wọn yanjú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ka 200 wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìsà, tó sọ ọ́ di wákàtí 24 lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, á bá 144 yúníìtì bọ̀, owó rẹ̀ á sì lé ní ẹgbẹ̀rún 32. Àṣejù gbáà nìyẹn. Fíríìsà kì í ṣiṣẹ́ láìdánudúró. Bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á pa ara rẹ̀, á sì tún tan ara rẹ̀ bí ooru bá wọlé. A kò sì tíì sọ ti wákàtí tí iná kò sí rárá. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni fíríìsà tí rọ́bà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti ya, tí kì í pa mọ́ dáadáa, lè jẹ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú díwọ̀n yóò rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Mítà kékeré ló lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníná máa ń so ó mọ́ wáyà tó ń lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn mítà ńlá. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ apín-iná, wọn kì í wá kà á, wọn kì í sì í tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka iye tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Ká sọ pé ilé wa yìí ra mẹ́fà, tí wọ́n kà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí wọ́n sì tún kà wọ́n ní ìparí rẹ̀. Ti Ìyá Àgbà jẹ́ 14 yúníìtì. Ti Ìyá Oníyìnyín jẹ́ 78. Ti àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ 22, 26, 24 àti 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 184, bẹ́ẹ̀ 200 ni mítà ńlá kà.

Yúníìtì 16 tó yàtọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ti gbogbo ilé ni. Ẹ̀rọ omi oní-750 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ á jẹ nǹkan bí yúníìtì 7 àti ààbọ̀ lóṣù, gílóòbù ìta méjì oní-10 wáàtì tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀ á jẹ nǹkan bí 7, ìwọ̀nba tó kù sì ń bá wáyà àti àwọn mítà fúnra wọn lọ. Owó rẹ̀ jẹ́ 3,600. Bí a bá pín in sí mẹ́fà, ó di 600 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Apá yìí nìkan ló yẹ kí a pín dọ́gba, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé omi tàbí iná ìta kì í ṣe tòun. Bí ìdílé ẹlẹ́ni méje bá wà pẹ̀lú ẹni tó dá gbé, wọ́n lè fi iye èèyàn pín owó omi, kí wọ́n fi iye ilé pín tìta. Ìyẹn tọ́, bí owó náà bá pọ̀ débi tí ó yẹ kí a ṣe wàhálà rẹ̀.

Ìyá Àgbà á wá san 3,150 fún tirẹ̀ àti 600 fún ti gbogbogbò. Ó di 3,750, ìdajì gééré ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Ìyá Oníyìnyín á san 18,150. Ó ju 7,500 lọ dáadáa, ó sì fi 4,350 dín sí 22,500 tí wọ́n fẹ́ dì lé e lórí. Àwọn mẹ́rin yòókù á san 5,550, 6,450, 6,000 àti 5,100. Ẹ ro ó pọ̀, 45,000 ló máa já sí. Mítà kékeré dáàbò bo Ìyá Oníyìnyín gẹ́gẹ́ bó ṣe dáàbò bo Ìyá Àgbà, ó sì tún fún un ní ohun tí oníṣòwò ń wá: ó ti mọ iye tí iná ń kó nínú owó yìnyín rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé kò lè ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò nílò mẹ́fà. Ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ sì so ó mọ́ yàrá ẹni tó ń jẹ jù. Nínú ilé wa yìí, mítà kan lórí Ìyá Oníyìnyín á fi hàn pé 17,550 ni tirẹ̀. Òun á fi 600 kún un fún omi àti iná ìta, ìyẹn 18,150. Ohun tó kù jẹ́ 26,850, ẹni márùn-ún á pín in, á jẹ́ 5,370 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò tíì bá Ìyá Àgbà dọ́gba pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní 7,500, àwọn tó kù sì súnmọ́ ohun tí wọ́n jẹ gan-an. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan yẹn sí yàrá Ìyá Àgbà dípò rẹ̀, òun nìkan lọ̀rọ̀ yanjú fún, fíríìsà á ṣì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn márùn-ún yòókù.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí yàrá kọjú síra wọn, ńṣe ni oníná àtijọ́ fa iná láti yàrá kan wọ èkejì, tí ojú iná ẹnì kan sì jẹ́ ẹ̀ka ti aládùúgbò rẹ̀. Bí a bá so mítà kékeré mọ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀, á máa ka ti ẹni méjì pọ̀ sórí ẹnì kan. Oníná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ láti ibi bíréékà, kí bíréékà kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ yàrá tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ dán an wò lójú gbogbo ilé. Ẹ pa bíréékà gbogbo yàrá àyàfi ti ẹnì kan, kí onítọ̀hún tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mítà ńlá àti mítà kékeré tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síwájú ní iye kan náà, tàbí kó yàtọ̀ ní ìwọ̀nba kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ pa tirẹ̀ nìkan, kí ẹ sì tan tàwọn yòókù: yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn pátápátá. Bí gílóòbù kan bá ṣì ń tàn níbẹ̀, wáyà ṣì lúra wọn.

Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Lára mítà tí wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí, ìgbà 1000 ló máa ń ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó tán. Bí iná bá wà, tí ẹ sì ti pa gbogbo bíréékà, kò yẹ kó máa ṣẹ́jú mọ́. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹnì kan tàbí nǹkan kan ń fa iná láàárín mítà àti bíréékà yín, ẹ tètè pe oníná tó mọṣẹ́.

Iye tó yàtọ̀ láàárín mítà ńlá àti àpapọ̀ àwọn kékeré ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n ṣọ́ jù lọ, bí ilé bá ti ní mítà kékeré yíká. Tó bá ń jẹ́ 15 tàbí 17 lóṣooṣù, ara ilé le. Tó bá ṣàdédé di 40, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wo táǹkì. Páìpù tó ń jò máa ń mú kí ẹ̀rọ omi ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, owó iná lá kọ́kọ́ fi hàn kí omi tó hàn lójú ilẹ̀. Bí omi kò bá jò, ẹ wò ó bóyá mítà kékeré kan ti dúró láìka nǹkan kan. Lẹ́yìn méjèèjì yìí ni ẹ tó lè máa wá ẹni tó so wáyà gba ẹ̀yìn mítà. Ẹni tó bá sì gba ẹ̀yìn mítà ńlá fúnra rẹ̀ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ará ilé: olè jíjà ni lábẹ́ òfin, bí ilé-iṣẹ́ apín-iná bá sì já iná, ti gbogbo ilé ni wọ́n máa já.

Ó ku ọ̀rọ̀ òwò pírípéèdì fúnra rẹ̀, pé a ń sanwó ká tó lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé ń pín owó tókìn bí wọ́n ṣe ń rà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá ra tókìn lánàá kò tíì jẹ ẹ́ tán, ẹni tó sì jẹ èyí tó kọjá lè ti rìnrìn-àjò. Ohun tó dára ni pé kí oníkálukú fi owó tó tó oṣù kan tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tí ilé yàn. Ìyá Àgbà á fi 4,000 sílẹ̀, Ìyá Oníyìnyín á fi 18,000 sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n yàn á máa ra iná kó tó tán, ká sọ pé nígbà tí mítà bá ku 30 yúníìtì, á sì máa fi gbogbo rìsíìtì sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, ẹni méjì á jọ ka mítà, kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan. Wọ́n á kọ iye tó kù nínú mítà ńlá àti nọ́ńbà gbogbo mítà kékeré. Ohun tó kù lóṣù tó kọjá, ẹ fi ohun tí ẹ rà kún un, ẹ yọ ohun tó kù báyìí: ìyẹn ni ilé jẹ. Oníkálukú á wá dá iye tó jẹ padà sínú àpò, kí àpò lè padà sí bó ṣe wà.

Pẹ̀lú ètò yìí, ẹni tó lọ sí ìrìn-àjò oṣù kan á bá 600 nìkan nílé, torí mítà rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ padà, owó rẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n máa fi san án, wọn kò ní fi ti ẹlòmíràn san án. Bí owó náà bá ti tán, tí ilé sì ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, wọ́n lè pa bíréékà yàrá rẹ̀ láìpa ti ẹnikẹ́ni mọ́ ọn.

Lánlọ́ọ̀dù tó bá fẹ́ kúrò nínú gbogbo èyí lè béèrè mítà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ apín-iná àdúgbò. Òun ló dára jù, pàápàá nílé fúláàtì tí wáyà ti yàtọ̀ síra láti ìbẹ̀rẹ̀. Nílé oníyàrá kọ̀ọ̀kan, ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń náni lówó. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù tó ń ta iná fún ayálégbé láti inú mítà kékeré gbọ́dọ̀ fi rìsíìtì tókìn hàn wọ́n. Bí yúníìtì bá jẹ́ náírà 225 lórí rìsíìtì, tí ó sì ń gba 300, èrè ló ń jẹ lórí wọn, ó sì yẹ kí wọ́n bi í léèrè.

Bí ayálégbé bá fẹ́ kó jáde, kí ẹni méjì ka mítà rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, kí wọ́n yọ ohun tó jẹ láti ọjọ́ kìíní oṣù kúrò nínú owó tó fi sílẹ̀, kí wọ́n fún un ní tó kù lọ́wọ́, kí ẹni tó ń wọlé bọ̀ sì fọwọ́ sí nọ́ńbà tí òun bá lójú mítà náà kó tó tan iná àkọ́kọ́.